Wóró kékeré inú ọ̀rá: àlàyé àyẹ̀wò ìtọ̀ fún ẹ̀yin òbí tọ́mọ yín ń sáré

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo kọ irú àlàyé yìí fún àwọn òbí tọ́mọ wọn máa ń wá ṣe tiréènì ní Adámásíngbà, gbólóhùn tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ni pé "eléré ìdárayá ò gbọdọ̀ lo oògùn". Mo rò pé mo ti ṣe bẹbẹ. Ìyá kan bá wá bá mi lọ́jọ́ kejì, ó ní, "Kóòṣì, ṣé tí ibà bá ń ṣe ọmọ mi, kí n kàn máa wò ó níran ni?" Bàbá kan ní tiẹ̀ bínú, ó ní kí n má sọ irú ẹ̀ sọ́mọ òun mọ́, ọmọ òun ò mugbó rí. Ẹnì kẹta tiẹ̀ rọra fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní ṣé òyìnbó ti wá ní ẹ̀rọ tó ń mú ìfúnpá báyìí? Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo kọ o, oògùn, ó sì gbé èèyàn mẹ́ta lọ síbi mẹ́ta.

Látìgbà yẹn mi ò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ohun tí mo máa ń kọ báyìí ni pé kì í ṣe oògùn ni wọ́n ń wá nínú ìtọ̀ ọmọ yín, èròjà ni, ìyẹn ohun tó wà nínú oògùn yẹn gan-an tó ń ṣiṣẹ́. Wádà, àjọ tó ń rí sọ́rọ̀ yìí káàkiri ayé, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1999, ló máa ń gbé ìwé àwọn èròjà tó léèwọ̀ jáde, tuntun sì máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1 January lọ́dọọdún. Ẹ ò ní rí "oògùn ibà" nínú ìwé yẹn, ẹ ò ní rí "oògùn ara ríro", orúkọ èròjà lẹ máa rí. Parasítámọ̀ ò sí níbẹ̀. Amọ́síílì ò sí níbẹ̀. Oògùn ibà tí gbogbo wa ń lò, èyí tí wọ́n fi atẹmítà àti lumẹfantíríìnì ṣe, kò sí níbẹ̀. Torí náà ìyá oníbà lè lọ fọkàn balẹ̀.

Ibi tó ti ń ṣòro nílùú wa ni oògùn tí ò lórúkọ. Ẹ mọ èyí tí mò ń sọ. Ẹ dé kẹ́míìsì, ẹ ní ara ń ro yín, ẹni tó ń tà á ò bi yín ní nǹkan púpọ̀, ó ṣí ike kan, ó ṣí ike kejì, ó ka wóró mẹ́rin márùn-ún sínú ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó dì í, ó tún dì òmíì, ó ní ọ̀kan láàárọ̀ ọ̀kan lálẹ́, ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó lò ó. Ó máa ń ṣiṣẹ́ o, mi ò ní parọ́. Ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́ kíákíá gan-an ni mo fẹ́ ká sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ẹ jẹ́ ká fi ọmọ kan ṣe àpẹẹrẹ, ká máa pè é ní Bísí, ọmọ ọdún 16, tó ń sá mítà 400, tó tún wà nínú àwọn mẹ́rin tó ń sá rilé. Itan bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún ní Thursday, ìdíje sì ń bọ̀ ní Wednesday tó tẹ̀ lé e. Ìyá ẹ̀ lọ sí kẹ́míìsì àdúgbò, wọ́n di ìdì mẹ́wàá fún un, ti ọjọ́ márùn-ún, láti àárọ̀ Friday títí di alẹ́ Tuesday. Nínú ìdì kọ̀ọ̀kan: parasítámọ̀, dàìkílófẹ́nàkì, fítámìnì kan, àti wóró kékeré méjì tẹ́nikẹ́ni ò béèrè orúkọ ẹ̀. Nígbà tó fi máa di Sunday, Bísí ti ń fò. Ó ń jẹun dáadáa pàápàá. Alẹ́ Tuesday, aago mẹ́sàn-án, ó lo ìdì tó gbẹ̀yìn, ìyá ẹ̀ sì sọ pé ó ti parí nìyẹn, kò ní lo nǹkan kan lọ́jọ́ eré, ẹ má ṣèyọnu.

Wóró kékeré méjì yẹn, pẹrẹdinisolóònù ni. Ìbátan dẹ́sà ni, dẹ́sà tí gbogbo ayé mọ̀, èyí táwọn èèyàn ń lò láti sanra. Inú ara wa náà máa ń ṣe irú nǹkan yìí fúnra ẹ̀, tí nǹkan bá wú tàbí tí ibì kan bá ń gbóná nínú ara, òun ló máa ń pa á lẹ́nu mọ́. Tí wọ́n bá wá fi èyí tó pọ̀ kún un látìta, wíwú á fọn, ìrora á lọ, oúnjẹ á máa wu èèyàn jẹ. Ìdí nìyẹn táwọn tó ń po oògùn pọ̀ fi fẹ́ràn ẹ̀, oníbàárà tó gbádùn lọ́jọ́ kejì máa padà wá. Kì í ṣe irú èyí tó ń kọ́ iṣan o, àwọn èèyàn máa ń gbọ́ "sitẹ́rọ́ìdì" wọ́n á rò pé gbogbo ẹ̀ lọ̀kan náà, ẹbí méjì tó yàtọ̀ síra ni, èyí tó ń kọ́ iṣan léèwọ̀ lójoojúmọ́, ọ̀sán òru, ìdíje wà ni kò sí ni. Ẹbí pẹrẹdinisolóònù àti dẹ́sà léèwọ̀ nígbà ìdíje nìkan, tó bá jẹ́ pé ẹnu ni wọ́n gbà lò ó, tàbí abẹ́rẹ́, tàbí kí wọ́n tì í sí ìdí. Ìpara tí wọ́n ń fi pa ara àti èyí tí wọ́n ń kán sójú ò sí nínú eléèwọ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń wo ìpara ara yín, ẹ fi í sílẹ̀.

"Nígbà ìdíje" yìí wá ni ọ̀rọ̀ tó ń tan àwọn òbí jẹ jù. Ìyá Bísí rò pé nígbà ìdíje ni ìgbà tí wọ́n bá yin ìbọn. Òfin ò sọ bẹ́ẹ̀. Aago 11:59 alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú eré ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ń lọ títí wọ́n á fi sáré tán tí wọ́n á sì gba ìtọ̀ tán. Ìyẹn ni pé ti Bísí bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ Tuesday, wákàtí mẹ́ta péré lẹ́yìn tó gbé wóró tó gbẹ̀yìn mì. Èyí tó tún wá le jù ni pé òfin ò bìkítà nípa ìgbà tẹ́ ẹ lò ó, ohun tó wà nínú ìtọ̀ nígbà ìdíje ló ń wò, oògùn ò sì mọ̀ pé ìdíje ti bẹ̀rẹ̀ kó sáré jáde lára. Wádà fúnra wọn ní kí èèyàn fi ọjọ́ mẹ́ta gbáko sílẹ̀ láàárín wóró tó gbẹ̀yìn àti ìgbà tí ìdíje bẹ̀rẹ̀, fún pẹrẹdinisolóònù tàbí dẹ́sà tí wọ́n gba ẹnu lò. Ẹ bá mi kà á sẹ́yìn: aago 11:59 alẹ́ Tuesday, Monday, Sunday, ó di aago 11:59 alẹ́ Saturday. Ibẹ̀ ló yẹ kó ti dúró. Tó bá dúró lálẹ́ Saturday, ìdì mẹ́fà á ṣẹ́ kù nínú ọ̀rá, gbogbo wa à bá má máa sọ ọ̀rọ̀ yìí.

Tó bá wá jẹ́ abẹ́rẹ́ ìdí ni wọ́n gún un, ọjọ́ mẹ́ta ò tó rárá. Ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n ní kí wọ́n fi sílẹ̀ fún dẹ́sà, ọjọ́ mẹ́wàá fún pẹrẹdinisolóònù, ọ̀kan sì wà nínú ẹbí yẹn tó ń jẹ́ tirayamusinolóònù, òun ń gba 60. Oṣù méjì! Torí náà "wọ́n kàn gún un lábẹ́rẹ́ ara ríro kan" kì í ṣe ìdáhùn, orúkọ abẹ́rẹ́ yẹn la fẹ́ mọ̀.

Ó yá, wọ́n sáré, Bísí ṣe ipò kejì. Kò tíì mí dáadáa tán tẹ́nì kan fi wá dúró sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ó fi káàdì hàn án, ó ní wọ́n ti yàn án fún àyẹ̀wò, kó buwọ́ lùwé. Látìgbà yẹn lọ, ẹni yẹn ò ní gbójú kúrò lára ẹ̀. Ó ṣì lè gba mẹ́dàì, ó ṣì lè sá eré míì tó bá kù fún un, ó lè rìn kí ara ẹ̀ tutù, ó lè wá ìyá ẹ̀, àmọ́ gbogbo ẹ̀, ojú ẹni yẹn ni. Bí ọmọ bá sá, tàbí tó ní òun ò ṣe, ẹ̀ṣẹ̀ míì nìyẹn fúnra ẹ̀, wọ́n lè dá àgbàlagbà tó bá kọ àyẹ̀wò dúró fọdún mẹ́rin kó má díje. Mo ti gbọ́ kí ẹ̀gbọ́n kan máa gba ọmọ níyànjú pé kó tètè wọ mọ́tò lọ ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba ẹnikẹ́ni nírú ìyànjú bẹ́ẹ̀.

Torí pé Bísí ò tíì pé 18, ó lẹ́tọ̀ọ́ kí àgbàlagbà kan tẹ̀ lé e wọlé, ìyá ni o, kóòṣì ni o. Ohun tó máa ń ya àwọn òbí lẹ́nu nìyí, mo sì máa ń sọ ọ́ láìfi bò kí ọmọ má bàa rò pé wọ́n fẹ́ ṣe òun ní ìṣekúṣe: òṣìṣẹ́ kan tó jẹ́ obìnrin bíi tiẹ̀ máa wo ìtọ̀ bó ṣe ń jáde lára ẹ̀. Bísí á ká aṣọ sókè dé àyà, á fa ṣòkòtò sílẹ̀ dé orúnkún, á ká apá aṣọ. Àwọn kan ti gbé ìtọ̀ ẹlòmíì wọlé rí, ìdí tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Àgbàlagbà tó tẹ̀ lé e á dúró níbi tó ti lè rí òṣìṣẹ́ yẹn, kì í ṣe ọmọ ló máa wò, àfi tí ọmọ bá fúnra ẹ̀ ní kó wo òun. Tí ọmọ bá ti gbọ́ èyí nílé, ara ẹ̀ á balẹ̀. Tó bá jẹ́ ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ gbọ́, ẹkún ni.

Mílílítà 90 ni wọ́n fẹ́, kò tó ìdá kan nínú márùn-ún omi inú ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan. Àmọ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré lóòrùn lè jókòó wákàtí méjì kí èyí tó jáde. Ìyá á wá máa sọ pé mu omi, mu omi sí i. Ẹ rọra. Tí omi bá pọ̀ jù, ìtọ̀ á ṣàn bí omi lásán, wọ́n á wọ̀n ọ́n wọ́n á rí i pé kò ki tó, wọ́n á ní kó dúró ṣe òmíì. Ilẹ̀ ti ṣú báwọn kan nídìí ẹ̀. Omi tí wọ́n ò tíì ṣí ìdérí ẹ̀ ni kó mu, kó sì máa mu ún díẹ̀díẹ̀.

Bísí fúnra ẹ̀ ló máa mú ife nínú àwọn tí wọ́n tò kalẹ̀, òun ló máa mú páálí ìgò, òun ló máa da ìtọ̀ sínú ìgò méjì, wọ́n ń pè wọ́n ní A àti B, òun ló máa dé wọn títí wọ́n á fi há pátápátá. Kí nọ́ńbà tó wà lára ìgò bá èyí tó wà lórí fọ́ọ̀mù mu. Iṣẹ́ tí mo máa ń gbé fún òbí tó bá tẹ̀ lé ọmọ wọlé nìyẹn, torí ọmọ á ti rẹ̀, ojú ẹ̀ ò ní sí nílẹ̀: ẹ ka nọ́ńbà yẹn sókè, lẹ́ẹ̀mejì.

Fọ́ọ̀mù yẹn ní ibì kan tí wọ́n ti ń béèrè gbogbo oògùn àti fítámìnì tí ọmọ lò láàárín ọjọ́ méje sẹ́yìn. Àwọn òbí kan á ní ká má kọ nǹkan kan, pé tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ ẹ ti jẹ́wọ́ nìyẹn. Irọ́ ni. Kíkọ ọ́ ò sọ èròjà eléèwọ̀ di aláìléèwọ̀, òótọ́ nìyẹn, àmọ́ lọ́jọ́ tọ́rọ̀ bá délẹ̀, fọ́ọ̀mù yẹn ni ẹ̀rí pé ẹ ò fi nǹkan kan pamọ́. Wàhálà Bísí ni pé kò mọ ohun tó máa kọ. Ó kọ "oògùn ara ríro". Kí ni ìyẹn?

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà lẹ́tà dé. Òkè òkun ni wọ́n máa ń kó ìtọ̀ lọ, ìgò A ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣí, wọ́n sì rí pẹrẹdinisolóònù nínú tiẹ̀. Bísí lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí wọ́n ṣí ìgò B, àmọ́ kó má rò pé ìgò B á sọ ohun tó yàtọ̀ tí òun náà bá mọ̀ pé òun lo nǹkan kan. Òfin ìpìlẹ̀ ni pé ohun tó bá wà lára ẹ, ìwọ lo ni ín, ì báà jẹ́ ìyá ẹ ló fún ẹ. Èyí máa ń dun àwọn òbí, mo sì mọ̀, àmọ́ bó ṣe wà nìyẹn. Ipò kejì lọ. Rilé tí wọ́n jọ sá níbi ìdíje yẹn náà lọ, àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta yòókù tí ò gbé nǹkan kan mì náà á dá mẹ́dàì padà.

Ìjìyà tiẹ̀ ló wá kù. Ọmọ tí ò tíì pé 16, tàbí tí ò tíì pé 18 tí kò sì tíì bá àwọn àgbà díje níta orílẹ̀-èdè rí, tí orúkọ ẹ̀ ò sì sí lára àwọn tí wọ́n ń ṣọ́ lójoojúmọ́, òfin fi ọwọ́ pẹ̀lẹ́ mú un. Bí Bísí ṣe wà nìyẹn. Àgbàlagbà ní láti fi hàn bí èròjà náà ṣe dé ara òun kí wọ́n tó lè dín ìjìyà kù, kò pọn dandan fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Kò sì pọn dandan kí wọ́n kéde orúkọ ẹ̀ fáráyé. Tí wọ́n bá gbà pé ẹ̀bi ẹ̀ ò tó nǹkan, ó lè bẹ̀rẹ̀ látorí ìbáwí lásán láìsí ìdádúró kankan, kò sì ní kọjá ọdún méjì. Ọdún méjì fún ẹni ọdún 16 ṣá, ẹ ronú ẹ̀ wò.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ dáadáa, òun ló sì mú kí n yan àpẹẹrẹ oògùn yìí dípò òmíì. Ìwé àṣẹ wà tí eléré lè gbà láti lo èròjà tó léèwọ̀ tó bá jẹ́ pé àìsàn ló fà á. Dókítà ló ń kọ ọ́, pẹ̀lú àbájáde àyẹ̀wò, ó sì dáa kó ti wà nílẹ̀ ní oṣù kan ṣáájú. Ṣùgbọ́n fún èròjà tó léèwọ̀ nígbà ìdíje nìkan, téèyàn bá lò ó nítorí àìsàn ṣáájú kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, òfin gbà kó bẹ̀bẹ̀ fún ìwé yẹn *lẹ́yìn* àyẹ̀wò. Ìyẹn ni pé ilẹ̀kùn kan ṣí sílẹ̀ fún Bísí. Àmọ́ kí ló máa gbé wọlé? Ká ní dókítà ọsibítù kan ló wo itan yẹn, tó kọ ohun tó rí, tó kọ ìdí tó fi fún un ní pẹrẹdinisolóònù, wọ́n lè wò ó bóyá ó tọ́. Ọ̀rá kẹ́míìsì ò ní káàdì, kò ní déètì, kò ní orúkọ àìsàn. Owó kékeré tí ìyá ẹ̀ dín kù ní ọsibítù ló ti ilẹ̀kùn yẹn. Ọmọ tí dókítà bá sì fi sórí oògùn yìí fún ìgbà pípẹ́, nítorí asimá tàbí kíndìnrín, kí òbí má dédé gbà á lẹ́nu ẹ̀ torí ìdíje o, ó léwu kéèyàn ṣàdédé dá a dúró, ìwé àṣẹ ni kẹ́ ẹ lọ gbà.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní ṣé irú èyí ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní Delhi lọ́dún 2010, ọmọ wa tó gba wúrà mítà 100 àwọn obìnrin ní eré Kọmọ́nwẹ́ẹ̀tì, wọ́n gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, ó ní nǹkan tóun lò fún eyín tó ń dun òun ló fà á. Ní Gilásígò lọ́dún 2014, ọmọ ọdún 16 tó ń gbé irin fún Nàìjíríà gba wúrà, wọ́n rí amílóráìdì àti haidirokilorotayasáìdì nínú ìtọ̀ ẹ̀, wúrà lọ. Mi ò mọ ohun tó wà nídìí tiẹ̀, mi ò sì ní méfò. Ohun tí mo mọ̀ ni pé èròjà méjì yẹn gan-an ló wà pa pọ̀ nínú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan tó pọ̀ nílé àwọn màmá wa, èyí tó máa ń mú wọn tọ̀. Ìyẹn léèwọ̀ lójoojúmọ́, kò sí ọjọ́ mẹ́ta kankan tẹ́ ẹ máa kà. Torí náà kí oògùn màmá àgbà má wà nínú dúrọ́ọ̀ kan náà pẹ̀lú ti ọmọ.

Báwo lẹ ṣe máa mọ ohun tó wà nínú wóró kan? Àwọ̀ ò ṣeé tẹ̀ lé, wóró funfun kékeré tó igba. Ẹ ní kí wọ́n fún yín nínú páálí ẹ̀ tàbí káàdì ẹ̀, orúkọ èròjà máa ń wà lára ẹ̀ ní lẹ́tà wínníwínní lábẹ́ orúkọ ńlá yẹn. Tó bá jẹ́ inú ike ni wọ́n ti kà á, ẹ ní kí wọ́n ka ara ike yẹn fún yín, kẹ́ ẹ fi bírò kọ ọ́ sára ọ̀rá, kẹ́ ẹ fi fóònù ya á. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín, ẹ lọ sí `globaldro.com`. Nàìjíríà ò sí lára orílẹ̀-èdè tẹ́ ẹ lè yàn níbẹ̀, torí náà orúkọ ńlá ara páálí wa lè má jáde, orúkọ èròjà ni kẹ́ ẹ tẹ̀, bíi ti méjì tá a ń sọ bọ̀ yìí:

```
prednisolone
dexamethasone
```

Á sọ fún yín bóyá ó léèwọ̀ nígbà ìdíje àti nígbà tí kò sí ìdíje.

Ní kẹ́míìsì, mi ò ní kẹ́ ẹ bá wọn jà. Gbólóhùn tí mo máa ń kọ fún àwọn ìyá pé kí wọ́n sọ ni: "Ẹ jọ̀ọ́ bọ̀dá, ọmọ yìí ń sáré, wọ́n máa yẹ ìtọ̀ ẹ̀ wò, ẹ má fi dẹ́sà sí i, ẹ má fi prẹ́dì sí i, ẹ má fi tírámọ́ọ̀lù sí i." Tírámọ́ọ̀lù náà ti wà nínú eléèwọ̀ ìgbà ìdíje láti 1 January 2024. Ìyá kan sọ fún mi pé nígbà tóun sọ ọ́, ọkùnrin yẹn rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé Olíḿpíìkì lọmọ yín ń lọ ni, ó sì ki ọwọ́ bọ inú ọ̀rá, ó ṣa wóró méjì jáde. Parasítámọ̀, dàìkílófẹ́nàkì àti fítámìnì ló ṣẹ́ kù. Ìrora ọmọ ẹ̀ pẹ́ díẹ̀ kó tó lọ, torí ohun tí ì bá mú un tètè lọ gan-an ni wọ́n yọ yẹn.